Inú bí mi, ẹ bí mi nínú: bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin ṣe ń tú ìjà inú ilé

Ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù ní Bàríga. Obìnrin kan, ká pè é ní Ìyá Bíọ́lá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Balógun dé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí àgbá omi, ó rí i pé ó ti gbẹ. Abọ́ oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà nínú ọpọ́n, ẹ̀bà ti gan mọ́ ọn lára. Bàbá Bíọ́lá tó ti dé láti aago mẹ́fà jókòó sí pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

“Ẹ kì í ṣe nǹkan kan nínú ilé yìí!”

“Ṣé èmi ni ìyàwó ni?”

Kò sí ẹni tó nílò àlàyé bí ìyókù ṣe máa lọ. Ohun tó yẹ ká tú wò ni bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe lè gba ọ̀nà mìíràn jáde lẹ́nu. Marshall Rosenberg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀nà kan jọ láàárín ọdún 1960 sí 1969, ó sì pín in sí mẹ́rin: sọ ohun tí ojú rẹ rí, sọ bó ṣe rí lára rẹ, sọ kòṣeémàánìí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí o wá béèrè ohun kan tó ṣeé ṣe.

Ti àkọ́kọ́ dà bíi téèpù ọwọ́ télọ̀. Téèpù kì í pe ènìyàn ní sísanra. Ó kàn máa ń sọ pé ìbàdí jẹ́ 44. Bí télọ̀ bá sọ pé “ẹ ti sanra jù,” oníbàárà á bínú, aṣọ ò sì ní í bá a mu, torí kò sí ẹni tó lè fi “sanra jù” gé aṣọ. “Ẹ kì í ṣe nǹkan kan” ò lè gé aṣọ rárá. Ọ̀rọ̀ kékeré tó bà á jẹ́ ni “kì í” yẹn. Bó bá ti jáde báyìí, gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra ló wọ ẹjọ́, ọkọ náà á sì rántí ọjọ́ kan tó gbálẹ̀, á fi já gbogbo ẹ̀sùn náà ní irọ́. Àmọ́ bí ìyàwó bá ní, “Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti òní, omi ò sí nínú àgbá nígbà tí mo dé,” kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ jiyàn lé lórí. Àgbá ló wà níbẹ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì gbọ́. Wọ́n rò pé bí ẹnì kan bá ti ní “ó ń ṣe mí bíi pé,” ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Rárá o. “Ó ń ṣe mí bíi pé ẹ ò kà mí sí” kì í ṣe bó ṣe rí lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìdájọ́ ni, ẹni tó ń gbọ́ ọ sì ni wọ́n dá a fún. Rosenberg tẹnu mọ́ èyí gan-an: ọ̀rọ̀ bíi “wọ́n pa mí tì,” “wọ́n rẹ́ mi jẹ,” “wọ́n fojú tẹ́ḿbẹ́lú mi,” ohun tí a rò pé ẹlòmíràn ṣe sí wa ni wọ́n ń sọ. Wọn ò sọ ohun tó ń lọ nínú wa.

Èdè Yorùbá mú kó rọrùn láti dá méjèèjì mọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ nínú gbólóhùn. Inú mi bàjẹ́. Àyà mi já. Ojú tì mí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Inú, àyà, ojú, ọkàn: ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ wá wo “ẹ pa mí tì.” Ẹlòmíràn ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Kódà ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní ìhà méjèèjì. “Inú bí mi” ń sọ ti ẹni tó ń bínú. “Ẹ bí mi nínú” ti gbé ẹrù náà lé ẹlòmíràn lórí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni, àyè ni wọ́n pààrọ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ á sì ti mọ̀ kí gbólóhùn tó parí bóyá kó gbeja ara rẹ̀ tàbí kó gbọ́. Àwọn tó fi èdè yìí sílẹ̀ fún wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìyá Bíọ́lá lè sọ pé, “Ó ti rẹ̀ mí, inú ń bí mi.” Ó tó.

Ní ti kòṣeémàánìí, àṣìṣe kan ló wọ́pọ̀: pé omi ni ìyàwó nílò. Omi jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo láti dé ibi tó ń lọ. Ìsinmi ló nílò, àti ẹni tó máa bá a gbé ẹrù. A lè mọ kòṣeémàánìí nípa pé kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, kò sì ní ọjọ́. “Mo nílò kí Bàbá Bíọ́lá pọnmi” ti di àṣẹ tó wọ aṣọ kòṣeémàánìí. Ìyàtọ̀ yìí wúlò gan-an, nítorí ọ̀nà sí ìsinmi pọ̀, àmọ́ bí omi bá ti di gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ọ̀nà kan péré ló kù, ìjà sì wà lẹ́nu ọ̀nà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni béèrè: nǹkan kan pàtó, tó ṣeé ṣe, tó ń sọ ohun tí a fẹ́, kì í ṣe ohun tí a ò fẹ́. “Ẹ máa ràn mí lọ́wọ́” ò tíì tó. “Ṣé ẹ lè bá mi pe mẹ́ruwà lọ́la, kó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá wá kí n tó dé?” ló tó. Ohun tó máa fi hàn bóyá àṣẹ ni tàbí ìbéèrè ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn “rárá.” Bí ìyàwó bá gbọ́ rárá tó sì fi ọjọ́ mẹ́ta yan odì, àṣẹ ló pa láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ rọ̀ tó.

Ibí ni ọ̀nà yìí ti ń ṣòro láàárín wa. Ẹni tí ọ̀wọ̀ ti di ẹnu rẹ̀ ò lè sọ rárá fún àgbà, nítorí náà “ṣé ẹ lè” láti ẹnu ìyá ọkọ sí ìyàwó ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìbéèrè. Àgbà ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Bí kò bá rọrùn, wí fún mi.” Bákan náà, bí ìgbájú àti igi bá ti wọ ọ̀rọ̀, kí a má fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin dá ẹni tí wọ́n ń lù dúró. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007, òun ló yẹ kí onítọ̀hún gbá mú.

Ní Bàríga, ká ní ìyàwó sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọkọ dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Rárá, Ìyá Bíọ́lá. N ò lè pè é lọ́la.”

Ìyàwó lè padà sí “ẹ kì í” níbí. Ó sì lè gba rárá náà bíi téèpù tí wọ́n nà sí òun, kó wá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: “Ṣé ọkàn yín ò balẹ̀ nípa owó ni?”

“Ojú ló ń tì mí láti sọ. Wọn ò ní í sanwó fún wa títí di ọjọ́ Ẹtì. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń jókòó síbí, tí mò ń wojú àgbá yẹn.”

“Mo gbọ́ yín. Kànga ilé kejì ńkọ́?”

“Èmi àti Bíọ́lá á fa kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Gbé ìyẹn tó kù nínú jọ́ọ̀gì wá, kí n fi fọ abọ́.”