Báwo ló ṣe yẹ kí ímeèlì ṣe tààrà tó sí ẹni tí kì í béèrè nǹkan ní tààrà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ wa ní Ṣágámù ń ra ẹ̀yà ẹ̀rọ láti Jàpáánì. Wọ́n fi àwòkọ ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun ránṣẹ́ pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò, àdírẹ́sì wa ò sì tọ̀nà. Mo kọ ọ́ pé "Ẹ tún un ṣe lónìí," wọn ò dáhùn. Mo wá rọ̀ ọ́, mo ní "A ṣàkíyèsí pé àdírẹ́sì náà yàtọ̀ díẹ̀." Wọ́n dúpẹ́, wọn ò ṣe nǹkan kan. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, ohùn ni kó o rọ̀. Má rọ ohun tó o fẹ́, má sì rọ ọjọ́ tó o fẹ́ ẹ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ le nínú ohùn. Èkejì ò le, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀: ẹni tó kà á lè rò pé ìròyìn lo fún òun, ló ṣe dúpẹ́.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú àti ohùn ló máa ń sọ ọ́ di odindi. Ímeèlì ò ní méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ sì jọ ń kọ, kì í ṣe èdè abínibí yín. Nítorí náà, bi wọ́n ní ìbéèrè tó hàn gbangba pé ẹ̀bẹ̀ ni, tí ẹni náà sì lè kọ̀ láìtijú. Bí mo ṣe máa tò ó nìyí:

> Àkọlé: Àtúnṣe àdírẹ́sì lórí ìwé ẹrù: Ọjọ́bọ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́ (àkókò Jàpáánì)
>
> Ẹ ṣeun tí ẹ tètè fi àwòkọ náà ránṣẹ́. Àdírẹ́sì tó wà níbẹ̀ kò bá ti inú Fọ́ọ̀mù M wa, ìwé tí a fi ń kó ọjà wọ Nàìjíríà, mu, èyí sì lè dá ẹrù náà dúró ní èbúté. Ǹjẹ́ ó máa ṣeé ṣe láti fi èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí rọ́pò rẹ̀ kí ojúlówó ìwé náà tó jáde? Tí Ọjọ́bọ̀ bá nira, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tó máa rọ̀ yín lọ́rùn.

Wo bó ṣe lọ. Àkọlé ló gbé ohun tó le: iṣẹ́ àti ọjọ́. Nínú lẹ́tà, ìdí ló ṣáájú ẹ̀bẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ará Jàpáánì fẹ́ gbọ́ ohun tó fà á kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe. Sọ àkókò ibi tí ò ń sọ pẹ̀lú: aago 5 ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wọn, aago 9 àárọ̀ ni ní Ṣágámù. Tó o bá kọ "ìrọ̀lẹ́" lásán, wákàtí mẹ́jọ ti dàrú nìyẹn.

N kò sọ ẹni tó ṣe àṣìṣe, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Má sọ pé àwọn ni, má sì torí ọ̀wọ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tìrẹ. Bí ojúlówó bá ti jáde, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun lè gba owó àtúnṣe, ẹni tó bá gba ẹ̀bi ni wọ́n sì lè ní kó san án. Má fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹni náà. Lójú tìrẹ, kí gbogbo wọn lè mọ̀ ni. Lójú tirẹ̀, o ti dójú tì í níwájú ọ̀gá.

Tó bá dáhùn pé "a ó gbé e yẹ̀ wò" tàbí "ó ṣòro díẹ̀," má tètè yọ̀. Ẹni tó bá ti tajà lọ́jà Àwólọ́wọ̀ ní Ṣágámù níbẹ̀ yẹn mọ oníbàárà tó ná ọjà tán, tó ní "mò ń bọ̀." Ó lè jẹ́ pé "rárá" ni ẹni náà ń dọ́gbọ́n sọ. Ó sì tún lè jẹ́ pé ó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn tó jù ú lọ, torí níbi iṣẹ́ púpọ̀ lọ́hùn-ún, ẹnì kan kì í dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe. Kó o lè mọ èwo ni, béèrè ohun tó ní ìdáhùn kan pàtó: "Ọjọ́ wo ni ẹ rò pé ojúlówó máa jáde?" Ẹni tó dárúkọ ọjọ́ ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Bó bá tún yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bi í pé kí ló lè rọrùn dípò rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ará Jàpáánì ló rí bákan náà o. Ka lẹ́tà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ ń kọ. Bó bá ń kọ ọ́ ṣókí, kọ tìrẹ ṣókí. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń múra láti ṣí, tí o kò tíì gbọ́ nǹkan, má kọ ímeèlì kẹrin. Pè é lórí fóònù láàárọ̀, kó tó di aago 9 tiwa, kí o bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ara rẹ, lẹ́yìn náà kí o wá fi ìlà méjì kọ ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i.