Kọ́bọ̀ Méjì Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jí

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìṣírò owó. Ẹnìkan á fi kakulétọ̀ ro VAT ìlà kọ̀ọ̀kan lórí ínfọ́ìsì, á rí i pé àròpọ̀ rẹ̀ fi kọ́bọ̀ méjì ju VAT tó wà nísàlẹ̀ ìwé lọ, ó di pé sọ́fítíwíà ti bàjẹ́, tàbí pé ẹnìkan ń jí kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ kó jọ. Ẹni tó fara balẹ̀ jù nínú wọn á wá ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé tí ínfọ́ìsì bá ti pọ̀, èyí tó lọ sókè àti èyí tó wá sílẹ̀ á pa ara wọn rẹ́. Ti ẹni ìkẹyìn yìí ló ń bí mi nínú jù, torí pé ó jọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ro owó-orí ọjà lórí ínfọ́ìsì. Ẹ lè ro ó lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sún ìkọ̀ọ̀kan sí odindi kọ́bọ̀, kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀. Ẹ sì lè ro gbogbo owó ọjà pọ̀ ná, kí ẹ wá ro owó-orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń sún owó lọ́pọ̀ ìgbà, èkejì ń sún un lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìdí tí ìdáhùn wọn fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ wo ìwé ọjà ilé kan tó ní ìlà mẹ́fà, tí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣó jẹ́ ₦1,235, páìpù ₦4,725, wáyà ₦2,850, ẹnu ẹ̀rọ omi ₦6,415, téèpù ₦875, àwọ̀n ìdènà ẹ̀fọn ₦3,105. Tí ẹ bá ro VAT wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì sún ààbọ̀ kọ́bọ̀ sókè bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, ẹ ó rí 92.63, 354.38, 213.75, 481.13, 65.63 àti 232.88. Àròpọ̀ wọn jẹ́ ₦1,440.40. Ṣùgbọ́n owó ọjà lápapọ̀ jẹ́ ₦19,205, VAT rẹ̀ sì jẹ́ 1,440.375, èyí tó di ₦1,440.38. Kọ́bọ̀ méjì náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò jí i.

Ibi tí àṣìṣe ti sábà ń wọlé ni Excel. Akọ̀wé owó á ṣètò pé kí ìlà máa fi nọ́ńbà méjì péré hàn lẹ́yìn àmì kọ́bọ̀, á sì rò pé òun ti sún owó náà. Kò sún un. Ojú ló rí 92.63, 92.625 ló wà nínú àpótí, àpótí sì ni àròpọ̀ ń kà. Nítorí náà ìwé á gbé 1,440.38 jáde nísàlẹ̀ àwọn ìlà tí àròpọ̀ wọn lójú ìwé jẹ́ 1,440.40, oníbàárà tó ní kakulétọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ pé ó máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ wo VAT wa dáadáa: kọ́bọ̀ méje ààbọ̀ ni lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Náírà méjì á mú kọ́bọ̀ 15 wá, odindi. Náírà mẹ́rin á mú 30 wá. Ìlà tí iye rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba kì í mú ìdajì kọ́bọ̀ wá láé. Ṣùgbọ́n ìlà tí iye rẹ̀ parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 gbọ́dọ̀ mú ìdajì kọ́bọ̀ wá, bó ti wù kí ó kéré tàbí kí ó tóbi tó. Kò sí ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ níbẹ̀, kò sí ìdá mẹ́ta. Odindi ni, tàbí ààbọ̀ gééré. Kí ni òfin ìsúnkọ́bọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ sì ń sọ nípa ààbọ̀? Ó ní ká sún un sókè.

Ta wá ni yóò wá sílẹ̀ láti bá èyí tó lọ sókè dọ́gba? Kò sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà márùn-ún ló parí sí 5, márààrún ló lọ sókè, èyí tí kò lọ sókè ni wáyà tó jẹ́ ₦2,850, òun náà kò sì wá sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí owó ìlà bá jẹ́ odindi náírà, VAT tí a rò ní ìlà kan sí òmíràn lè bá ti ìsàlẹ̀ ìwé dọ́gba, ó sì lè jù ú lọ. Kò lè dín sí i láé. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlà tó mú ìdajì kọ́bọ̀ wá jọ lóòjọ́, ₦15 ni ìsúnsókè nìkan, lójoojúmọ́, sí apá kan ṣoṣo. Owó kékeré ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pa ara rẹ̀ rẹ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́.

Àwọn àgbà akọ̀wé máa ń fi kún un pé nǹkan kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n jàre níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru sọ́fítíwíà. Láti 1994 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba VAT ní Nàìjíríà, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn kọ́bọ̀ márùn-ún gééré lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú owó tó jẹ́ odindi náírà, ìdajì kọ́bọ̀ kò lè yọjú rárá, ọ̀nà méjèèjì sì ń fúnni ní ìdáhùn kan náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni Òfin Ìṣúná 2019 sọ ọ́ di 7.5. Ọjọ́ yẹn ni ààbọ̀ wọlé, òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 náà sì fi í síbẹ̀. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ń bú kò yí padà.

Tí owó ọjà bá ní kọ́bọ̀ nínú, bíi ₦1,235.50, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀: àwọn ìdá mìíràn á yọjú, àwọn kan á sì wá sílẹ̀ lóòótọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ínfọ́ìsì tó wà lórí tábìlì yín, kí ẹ ka iye èyí tó ní kọ́bọ̀ nínú owó ọjà.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní oògùn kan tí wọ́n fẹ́ràn: sún ààbọ̀ sí nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba tó sún mọ́ ọn jù, kí ìdajì lè máa lọ sókè, kí ìdajì sì máa wá sílẹ̀. Bí Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, ṣe ń ṣe é nìyẹn, yálà o mọ̀ tàbí o kò mọ̀:

```
>>> round(92.625, 2)
92.62
```

Excel á fún ọ ní 92.63 lórí iye kan náà. Tí a bá lo ọ̀nà ti Python yìí lórí ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àròpọ̀ á di ₦1,440.37, nígbà tí ìsàlẹ̀ ìwé ṣì jẹ́ 1,440.38. Ìdáhùn mẹ́ta ti wá wà fún ìwé kan. Oògùn náà mú kí àṣìṣe má fì sí apá kan, kò mú kí ìwé bára mu.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. J D Wetherspoon, ilé-iṣẹ́ tó ní ilé ọtí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé irú ẹjọ́ yìí dé ilé-ẹjọ́ Ìparapọ̀ Yúróòpù: wọ́n fẹ́ kí a jẹ́ kí wọ́n máa sún owó-orí wá sílẹ̀ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan. Ní 2009, ilé-ẹjọ́ kò fún wọn. Ó ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò ṣètò bí a ó ti máa sún un, níwọ̀n ìgbà tí ètò náà kò bá ti tako ìlànà VAT fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ kì í ṣe nǹkan, kí ó bi àwọn tó san owó lọ́yà lórí rẹ̀ léèrè.

Báwo la ṣe ń yanjú rẹ̀? Fún ẹni tó ń kọ ínfọ́ìsì sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, mo fara mọ́ ríro VAT lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀, fún àpapọ̀ ọjà tó wà lábẹ́ ìdá kan náà. EN 16931, ìlànà ínfọ́ìsì orí kọ̀ǹpútà ti Yúróòpù, gbà bẹ́ẹ̀: ìpín owó-orí kọ̀ọ̀kan ló ń ro VAT fún, kì í ṣe ìlà kọ̀ọ̀kan. Tí oníbàárà bá wá ta kú pé òun fẹ́ rí VAT lórí ìlà, ẹ má ro ìlà náà ní òun nìkan. Ẹ ro VAT gbogbo ọjà láti òkè títí dé ìlà náà, ẹ sún un, kí ẹ wá yọ èyí tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún àwọn ìlà tó ṣáájú. Tí owó bá wà ní B, tí VAT sì wà ní C, tí ìlà kìíní jẹ́ àkọlé, ohun tí ẹ ó kọ sí C2 kí ẹ tó fà á sísàlẹ̀ nìyí:

```
=ROUND(ROUND(SUM(B$2:B2)*0.075,2)-SUM(C$1:C1),2)
```

Lórí ìwé wa, ó máa fún yín ní 92.63, 354.37, 213.75, 481.13, 65.62 àti 232.88. Ẹ rò wọ́n pọ̀: ₦1,440.38 gééré. Páìpù àti téèpù ló dín ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú iye tí ẹ kọ. Tí oníbàárà bá dá páìpù padà lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹ sì tún un rò, ẹ ó dá 354.38 padà fún un lórí ohun tó san 354.37 lé.

Fún ẹni tí wọ́n kọ ínfọ́ìsì sí, VAT tó wà lórí ìwé ni kí ó wọ inú ìwé ìṣirò, kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin fúnra yín tún rò. Tí sọ́fítíwíà yín bá kọ̀ ọ́ nítorí kọ́bọ̀ méjì, ẹ gbé kọ́bọ̀ méjì náà sí àkáǹtì ìsúnkọ́bọ̀. Ibí yìí gan-an ni mo ti ń ṣọ́ra, torí mo ti rí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún náírà nínú, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ìsúnkọ́bọ̀ ní ààlà. Ìlà kọ̀ọ̀kan kò lè fi ju ààbọ̀ kọ́bọ̀ yẹ̀, ìsàlẹ̀ ìwé náà kò lè ju ààbọ̀ lọ. Ẹ ka ìlà, ẹ fi ọ̀kan kún un, ẹ pín in sí méjì. Ìwé ìlà mẹ́fà kò lè fi ju kọ́bọ̀ mẹ́ta ààbọ̀ yẹ̀ láé.

Tí ìyàtọ̀ bá ju ìyẹn lọ, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Tí ó bá jẹ́ nǹkan bíi ₦65.63, ẹ wá ìlà tí VAT rẹ̀ jẹ́ iye yẹn gan-an. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti ka téèpù mọ́ ọjà tí kò ní owó-orí. Tí kò bá bá ìlà kankan mu, ẹ wo ẹ̀dínwó, bóyá apá kan yọ ọ́ kí ó tó ro VAT, tí èkejì sì yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

N kò ní sọ pé ìsàlẹ̀ ìwé ló dára jù fún gbogbo ènìyàn. Ilé ìtajà tí owó-orí ti wà nínú iye tó lẹ̀ mọ́ ọjà, tí wọ́n sì máa ń dá ọjà padà ní ìkọ̀ọ̀kan, lè rí i pé ìlà rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tí kò dára ni pé kí ẹ̀rọ tó ń tẹ rìsíìtì máa ro ó ní ìlà, kí sọ́fítíwíà akáǹtáǹtì máa ro ó nísàlẹ̀, kí a wá fi òpin oṣù wá olè.