Àtẹ kókó-ọ̀rọ̀ láti inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Àtẹ kókó-ọ̀rọ̀ ni àtẹ tí olùwádìí fi ń ṣàfihàn bí ó ṣe ti inú ọ̀rọ̀ àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò dé orí ohun tó ní òun rí. Orí tó ń ṣàlàyé ọgbọ́n ìwádìí ni wọ́n sábà máa ń fi apá kan rẹ̀ sí. Ìlànà onípele 6 fún wíwá kókó nínú ọ̀rọ̀, tí àwọn olùwádìí Virginia Braun àti Victoria Clarke gbé jáde lọ́dún 2006, ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé.

Ká sọ pé olùwádìí bá àwọn obìnrin ọlọ́jà 12 sọ̀rọ̀ lórí gbígba owó láti orí fóònù. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ́tí sí ohùn wọn tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fi nọ́ńbà sí ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi àmì bí O4 rọ́pò orúkọ. Bó ti ń kà á ni yóò máa fi kóòdù, ìyẹn àkọlé ṣókí, sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn. Kóòdù tó bá jọra ni yóò wá kó jọ sábẹ́ kókó kan.

| Kókó | Kóòdù | Àyọlò |
|---|---|---|
| Fóònù ló ń jẹ́rìí owó, kì í ṣe oníbàárà | dídúró de aláàtì | "Mi ò kí í wo ojú oníbàárà mọ́. Tí fóònù ò bá tíì dún, kò tíì sanwó." (O4, ìlà 41) |
| Ẹni tó mọ̀wé ló ń di àpò owó mú | ọmọ ló ń ka aláàtì | "Tí ọmọ mi ò bá sí nítòsí, kéèṣì ni mo máa ń gbà." (O9, ìlà 17) |

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí kókó jẹ́ ìbéèrè tí olùwádìí bi wọ́n, tó kàn wọ aṣọ mìíràn. "Ìṣòro aláàtì" kò sọ nǹkan kan. Kókó gidi ṣeé jiyàn lé lórí, bíi ti òkè yìí.

Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ tún máa ń gba gbogbo àtẹ. Bí O4 bá fara hàn ní ìlà mẹ́rin nínú mẹ́fà, ohùn ẹnì kan ni òǹkàwé ń gbọ́.

Níbi tí wọ́n bá ti fi Yorùbá sọ̀rọ̀, tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sàn kí a fi kóòdù sí ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an kí a tó túmọ̀ rẹ̀, kí àyọlò méjèèjì sì wà pọ̀. Ẹni tó ní "ojú mi ti rí nǹkan" ń sọ ìyà tó jẹ. Ìtumọ̀ olówuuru á sọ ọ́ di ìran tó wò.

Ibi tí a ti gé àyọlò ni kí a fi àmì mẹ́ta (...) sí, kí a sì padà lọ wo ìlà tó ti wá. Bí O7 bá ní "mi ò fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mi ò lè tajà láìsí i mọ́", tí a wá dúró síbi "níbẹ̀rẹ̀", òdìkejì ohun tó sọ ni a fi sẹ́nu rẹ̀.