Fọ́múlà a/(1 − r) kì í kọ̀ fún èèyàn

Nínú ọ̀wọ́ nọ́ńbà onílọ́po, iye kan náà, r, la fi ń sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ láti rí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ẹyọ àkọ́kọ́ bá jẹ́ a, ẹ kọ àròpọ̀ ẹyọ n sílẹ̀, ẹ fi r sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá yọ èkejì kúrò lára èkíní. Àwọn ẹyọ àárín á pa ara wọn rẹ́, á wá ku:

S(1 − r) = a − ar^n

Bí ẹyọ náà kò bá lópin, ọwọ́ ar^n ni ọ̀rọ̀ wà. Tí r bá wà láàárín −1 àti 1, ar^n á máa súnmọ́ òdo, àròpọ̀ á sì jẹ́ a/(1 − r). Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹyọ àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe òdo, kò sí àròpọ̀ láti wá. Ṣùgbọ́n ẹ ki nọ́ńbà tí kò yẹ sínú fọ́múlà náà, á ṣì dá yín lóhùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, tí n bẹ̀rẹ̀ láti 1:

Σ (2x − 3)^n / 5^(n − 1)

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fọ́múlà. Ẹ kọ ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ná: (2x − 3), (2x − 3)²/5, (2x − 3)³/25. A rí i pé a = 2x − 3. Ẹ fi ẹyọ àkọ́kọ́ pín ìkejì: r = (2x − 3)/5. Ẹni tó bá sáré fi 5 ṣe a, bíi pé n bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ti ṣìnà níbẹ̀.

Ó kan ibi tí x lè dé. A fẹ́ kí −5 < 2x − 3 < 5. Ẹ fi 3 kún gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi 2 pín in: −1 < x < 4. Láàárín ibẹ̀ nìkan ni

S = 5(2x − 3)/(8 − 2x)

Ẹ fi x = 2 dán an wò. Ẹyọ mẹ́rin àkọ́kọ́, 1 + 0.2 + 0.04 + 0.008, jẹ́ 1.248, fọ́múlà sọ pé 1.25. Wọ́n bára mu. Àmọ́ bí x bá jẹ́ 6, fọ́múlà á sọ pé −11.25, nígbà tó jẹ́ pé 9, 16.2, 29.16 ni àwọn ẹyọ náà, kò sí òdì kankan nínú wọn.

Etí méjèèjì ló ń tanni jù. Ní x = 4, ìsàlẹ̀ ìdá di òdo, nítorí náà èèyàn á tètè fura. Ní x = −1, fọ́múlà á fún yín ní −2.5 wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ −5 + 5 − 5 + 5 ni ọ̀wọ́ náà. Bí ẹ bá ṣe ń rò ó lọ, −5 lẹ ó rí, lẹ́yìn náà 0, lẹ́yìn náà −5, kò ní dúró lójú kan láéláé.

Nígbà míì, etí náà lè gbà. Nínú Σ x²/(1 + x²)^n, láti n = 0, r = 1/(1 + x²), ó sì kéré sí 1 fún gbogbo x àyàfi òdo; àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1 + x². Tí x bá jẹ́ òdo, r di 1, ṣùgbọ́n gbogbo ẹyọ náà di òdo, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 0. Ẹni tó bá ki òdo sínú 1 + x² á kọ 1.