Ètò oúnjẹ fún àsìkò ààwẹ̀ àti òfin ohun jíjẹ

Ètò oúnjẹ fún àsìkò ààwẹ̀ àti òfin ohun jíjẹ ni bí alásè tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń yan oúnjẹ, tó sì ń yan àkókò tí yóò gbé e kalẹ̀, kí onílànà kọ̀ọ̀kan lè rí jẹ láìrú òfin rẹ̀.

Kàlẹ́ńdà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Oṣù òṣùpá ni Ràmàdánì, nítorí náà ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ tí Àjíǹde bá bọ́ sí ló sì ń pinnu ìgbà tí Lẹ́ńtì yóò bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2026, Ọjọ́rú Eérú tí Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ààwẹ̀ Ràmàdánì bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni, tí ènìyàn 80 fẹ́ jẹun alẹ́: Mùsùlùmí 30, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì 20, àwọn tí kì í jẹ ẹran tàbí ẹja 10, àti 20 tí kò ní òfin kankan. Alásè tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹran yóò dáná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí agara yóò fi dá a. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tí òfin wọn le jù yóò se ẹ̀wà tí kò ní ẹja tàbí ẹran fún gbogbo ènìyàn, yóò sì din ẹja 70 lọ́tọ̀. Ìjọ Kátólíìkì ka ẹran léèwọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì ṣùgbọ́n wọ́n fàyè gba ẹja, bẹ́ẹ̀ ni ẹja kò nílò dídú bíi ti ẹran kó tó di hàlálì.

Ohun tó fara sin ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Oúnjẹ tí kò ní ẹran lè má jẹ́ hàlálì bí wáìnì bá wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀; èròjà amọ́bẹ̀dùn lè ní ọ̀rá adìẹ, jẹ́látìnì inú ìpápánu lè wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì lè fi èròjà inú ikùn ọmọ màlúù mú kí wàràkàṣì dì. Ara páálí ni a ti ń kà á, kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Òróró tí a fi din ẹja kò sì gbọdọ̀ kan oúnjẹ àwọn 10 yẹn, ohun tí àwọn alásè máa ń gbàgbé nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Ìṣínu kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Dàbínù àti omi ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣínu nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wọn a kí ìrun Màgàríbì, kí wọ́n tó jókòó ti oúnjẹ gidi. Bí àwọn yòókù bá ti jẹun ṣáájú, kò yẹ kí ìkòkò wà lórí tábìlì dè wọ́n: kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe wálẹ̀ ju 63°C lọ, nítorí pé inú oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò àìfojúrí ti ń tètè pọ̀. Oúnjẹ sààrì tí a sè lálẹ́ gbọ́dọ̀ tètè tutù kó tó wọ fìríìjì, kí a sì tún un gbóná dáadáa kí ilẹ̀ tó mọ́.