Píkísẹ́lì púpọ̀ kọ́ ló ń jẹ́ kí àwòrán ojú fídíò hàn

Bí àwòrán ojú fídíò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tọ́ńbúnẹ́ẹ̀lì, bá rí bàìbàì nígbà tó kéré, ohun tí ẹni tó ṣe é máa kọ́kọ́ sọ ni pé píkísẹ́lì rẹ̀, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké aláwọ̀ tó para pọ̀ di àwòrán, kò tó. Á tún un ṣe, á fẹ̀ ẹ́ sí ìlọ́po mẹ́ta, á tún gbé e sókè, bàìbàì náà ni yóò sì tún bá níbẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò fún un lórí YouTube ni 1280 × 720. Ṣùgbọ́n nínú àwọn fídíò tó máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí èèyàn ń wò lórí kọ̀ǹpútà, àyè tí àwòrán náà ń rí lè má ju 168 × 94 lọ. Ẹ fi 168 pín 1280, ẹ ó rí bíi 7.6. Èyí túmọ̀ sí pé píkísẹ́lì bíi 58 ni ẹ̀rọ ń pò di ẹyọ kan, bí ìgbà tí a bá ń po ọ̀dà. Ìlà funfun tín-ín-rín tó wà láàárín dúdú á bá dúdú náà pò, á sì di àwọ̀ eérú. Ẹni tó gbé àwòrán tó fẹ̀ tó 3840 wá kò yẹ̀ ẹ́: bíi 522 ni wọ́n á pò di ọ̀kan fún òun. Ohun tó ń pinnu bóyá ìlà náà máa hàn ni ìwọ̀n àyè tó gbà nínú àwòrán náà, ìyẹn kò sì yí padà.

Ká mú fídíò kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́. Àwòrán àkọ́kọ́ tí ẹni tó ṣe é yà ni èyí: ọkùnrin kan kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ lórí koríko, ó mú irin pupa tí wọ́n fi ń yọ táyà dání, wọ́n sì kọ “BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ TÁYÀ KẸ̀KẸ́” sísàlẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ga ní 60 píkísẹ́lì. Lójú ẹni tó ń ṣe é, ó dára. Ní 168, gíga lẹ́tà yẹn di 8. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wá burú jù: àmì tó fẹ̀ ní 8 píkísẹ́lì á di ẹyọ kan ṣoṣo, Ọ̀ á sì di O lójú ẹni tó ń kà á. Àwa tí à ń kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ìyẹn sọ́kàn ju àwọn tí èdè wọn kò ní àmì lọ.

Bí a bá fẹ́ kí lẹ́tà ga tó 20 níbi kékeré yẹn, ó ní láti ga tó 152 nínú àwòrán ńlá, ìyẹn bí ìdá márùn-ún gíga rẹ̀. Lẹ́tà bíi méjìlá ló máa gba orí ìlà kan. Nítorí náà, gbólóhùn gígùn yẹn gbọ́dọ̀ lọ. Àkọlé fídíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. “TÁYÀ JÒ!” ti tó. Ẹ gé ọkùnrin náà kúrò, kí ó ku ọwọ́, irin àti etí táyà, kí wọ́n sì kún ojú àwòrán.

Irin pupa lórí koríko ṣì kù. Pupa `#FF0000` àti àwọ̀ ewé `#008000` yàtọ̀ gan-an lójú wa, àmọ́ bí ẹ bá yọ àwọ̀ kúrò, pẹ̀lú ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò, ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan á di 76, ti èkejì 75, nínú 255. Eérú kan náà ni wọ́n. Bí irin bá sì ti kéré, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ fi mọ etí nǹkan. Irin àwọ̀ ìyeyè (226) lórí koríko kan náà á yọ síta. Bí irin mìíràn kò bá sí, ẹ jẹ́ kí koríko náà ṣókùnkùn gidi.

Lóòótọ́, fóònù tuntun máa ń kó píkísẹ́lì tó pọ̀ jọ sí àyè kékeré, nítorí náà lẹ́tà 8 yẹn lè rí gégé ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n kò tóbi sí i lójú ẹni tó ń yí ojú fóònù sókè kíákíá.

Bí mo ṣe ń dán tèmi wò nìyí: mo ń sọ ọ́ di 168 ní fífẹ̀, mi ò sì ní sún un mọ́ra, mo ń yọ àwọ̀ rẹ̀, mo ń jìnnà sí kọ̀ǹpútà ní gígùn apá, kí n tó wò ó. Kí ẹ sì fi igun ọ̀tún ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, nítorí ibẹ̀ ni YouTube ń lẹ iye ìṣẹ́jú fídíò mọ́. Níbi kékeré, àmì yẹn kì í kéré bí àwòrán ṣe ń kéré, ó sì lè bo lẹ́tà odindi méjì.