Àpò tó jìn tó 28 sẹ̀ntímítà: kí ni oníbàárà fẹ́ fi ṣe?

Àpèjúwe kan rèé, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní ìsọ̀ aṣọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì:

"Gáùn gígùn. 55% línẹ̀nì, 45% físíkósì. Láínìn kọ́tìnnì dé orúnkún. Rọ́bà lẹ́yìn ìbàdí. Àpò méjì, jíjìn 28 sẹ̀ntímítà."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà á kò lè fọwọ́ kan aṣọ náà, kò sì lè gbé e wọ̀ wò. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ni kí ẹ sọ bó ṣe máa rí lára rẹ̀.

Ẹ mú ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé: kí ni ẹni tó wọ̀ ọ́ máa rí jẹ níbẹ̀? Ẹ má sì gba ìdáhùn àkọ́kọ́. Rọ́bà máa ń fà. Ó dáa, tó bá fà ńkọ́? Béèyàn bá jókòó tàbí tó jẹun yó, aṣọ kò ní há a nínú. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi í sí? Kí iwájú lè tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ibi tí ìdáhùn bá ti kan ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kí ẹ dúró. Bí ẹ bá bi àpò náà bẹ́ẹ̀, fóònù ló máa jáde: ọ̀pọ̀ fóònù kò gùn ju 17 sẹ̀ntímítà lọ, nítorí náà yóò wọlé tán, kò ní yọ bọ́ béèyàn bá jókòó.

Mo tún un kọ báyìí:

"Ẹ lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kí ìbàdí má há yín: rọ́bà wà lẹ́yìn, iwájú sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Láínìn rẹ̀ dé orúnkún, ẹ ò nílò ṣìmí. Fóònù yín wọ inú àpò tán. Línẹ̀nì inú rẹ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn kan ara. Ó máa ń rún díẹ̀, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ nígbà tí kò bá tíì gbẹ tán."

Gbólóhùn nípa rírún yẹn ń ba àwọn ọlọ́jà kan lẹ́rù. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé kì í rún, aṣọ yóò padà wá bá yín.

"Ẹwà àrà ọ̀tọ̀" àti "aṣọ ìgbàlódé" kì í ṣe àǹfààní. Ẹ gbé gbólóhùn yín sábẹ́ àwòrán aṣọ mìíràn. Tó bá bá ìyẹn náà mu, ẹ pa á rẹ́.

Èwo ló yẹ kó ṣíwájú? Ẹ lọ wo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ àti ìdí tí wọ́n fi ń dá aṣọ padà. Tó bá jẹ́ "ṣé kì í hàn síta?" ni wọ́n ń béèrè jù, láínìn ni kó bọ́ síwájú, torí ìlà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà lórí fóònù.

Ẹ má sì ju ìwọ̀n àti orúkọ òwú nù. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kó wọn sí, pẹ̀lú gígùn gáùn láti èjìká dé etí ìsàlẹ̀, nítorí ẹni tó ga máa wá a kó tó sanwó.